Bí ẹ ṣe máa ṣa ọ̀ọ́dúnrún àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí fóònù ti kú

Ká ní aránṣọ kan wà ní àdúgbò Ṣábó, n'Ìkòròdú. Omi wọ fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé kejì láàárọ̀ ni ẹni tó ń tún un ṣe tó dá a padà fún un. Bó ṣe tan dátà báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ Wọ́sáàpù 312 ló já lù ú, tẹ́sítì 46, íméèlì 19. Òun la máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ní oríṣiríṣi nǹkan tó ń sọnù nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀: owó, ọjọ́ òde, ọ̀rọ̀ ẹbí, àti oníbàárà tí sùúrù rẹ̀ ti tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòkè, kí wọ́n máa dáhùn bọ̀ nílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ẹni tó kọ̀wé kẹ́yìn ni Wọ́sáàpù máa ń gbé sókè. Ẹni tó kí i ní "ẹ kú àárọ̀ o" ní aago méje òwúrọ̀ yìí ló wà lórí, ẹni tó kọ̀wé ní Ọjọ́rú nípa aṣọ Àbámẹ́ta ti rì sísàlẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, agogo méjìlá ọ̀sán ló máa tó kan aláṣọ Àbámẹ́ta, àárọ̀ òní ló sì yẹ kí iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kì í wo ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹni tí kò lè dúró ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ṣe é níbí: ẹ kọ́kọ́ ṣà á tán, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Kí ẹ tó tan dátà

Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún. Ẹ wá ìwé àjákọ kan àti bírò, nítorí pé ojú fóònù yẹn gan-an lẹ fẹ́ máa ṣí kiri, kò lè jẹ́ òun náà lẹ máa kọ nǹkan sí. Ẹ fa ìlà sí ojú ìwé kan kó pín sí mẹ́rin: orúkọ, ohun tí ó fẹ́, ọjọ́ gbèdéke tí ọ̀nà máa dí, àti lẹ́tà kan ṣoṣo tí a máa ṣàlàyé níwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ètò Wọ́sáàpù, ẹ lọ sí `Storage and data`, kí ẹ pa `Media auto-download`. Bí ẹ ò bá pa á, fídíò àdúrà àti àwòrán òde ọ̀sẹ̀ tó kọjá máa jẹ dátà, wọ́n sì máa dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá ti tan dátà, kí ẹ tó ṣí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí `Privacy`, kí ẹ pa `Read receipts` fún ìgbà díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ fẹ́ wo ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn láì tíì dáhùn, bí àmì búlúù bá sì ti hàn sí wọn, wọ́n á ní ẹ rí i tẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ ò ní rí tiwọn náà títí ẹ ó fi tan án padà, àmì yẹn kò sì ṣeé pa nínú gúrúùpù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá já fáfá, àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lè máa já bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń wọlé, ìlà á máa fò sókè sódò, ẹ ó fo ẹnì kan láìmọ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ṣòfò: ọgbọ̀n ọjọ́ ni Wọ́sáàpù fi ń tọ́jú ohun tí kò tíì débi tó ń lọ. Ìpè orí láìnì lásán ni kì í sábà hàn, nítorí pé fóònù tó kú kò lè kọ ìpè tó wọlé sílẹ̀. Ẹni tó pè yín nígbà mẹ́wàá tí kò kọ nǹkan kan kò ní sí nínú òkìtì yìí rárá, a máa padà sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo owó

Kí aránṣọ wa tó fọwọ́ kan Wọ́sáàpù, ó yẹ kó ṣí tẹ́sítì. Ohun méjì ló ń wá níbẹ̀. Èkíní ni alẹ́ẹ̀tì owó tó jáde tí kì í ṣe òun ló mú un jáde. Èkejì ni kóòdù ìdánimọ̀ tí kò béèrè fún. Kóòdù tí àkókò rẹ̀ ti kọjá kò wúlò mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ yẹn. Bí kóòdù bá wọlé ní Ọjọ́bọ̀ lóru, ta ló béèrè fún un? Ẹnì kan ń gbìyànjú láti wọ àkáǹtì rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, iṣẹ́ ṣíṣà dúró ná: ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn káàdì báńkì yín. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, pàápàá èyí tó ní àkáǹtì yín ti fẹ́ tì.

Bí kò bá sí ìyẹn, kó kọ owó tó wọlé sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Aránṣọ wa rí mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ ₦15,000 tó wọlé ní Ọjọ́rú. Àkọsílẹ̀ yìí máa wúlò láìpẹ́, torí àwọn oníbàárà á ti fi àwòrán ẹ̀rí sísan ránṣẹ́ sí Wọ́sáàpù, àwòrán kì í sì í ṣe owó. Èyí tó bá bá àkáǹtì mu nìkan lẹ ó gbà.

Iye ènìyàn lẹ máa kà

312 ń dẹ́rù bani, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ 312. Ẹ tẹ `Groups` lókè, kí ẹ wo iye tó wà níbẹ̀. Ti aránṣọ wa jẹ́ gúrúùpù mẹ́sàn-án, àwọn ló kó 204. Èyí tó kù, 108, ọ̀dọ̀ ènìyàn méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti wá. Bí ó bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tẹ `Unread`, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ pátápátá, lọ́dọ̀ ẹni tó ti pẹ́ jù tó ti kọ̀wé. Bí ẹ bá ṣí ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Oníbàárà kan kọ nǹkan mẹ́fà: "Ẹ kú iṣẹ́ o," "Ṣé aṣọ yẹn ti dé?", "Mo ń pè yín o," bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹfà ní: "Ẹ má wulẹ̀ dààmú mọ́, àbúrò mi ti bá mi wá ẹlòmíì." Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní, ọkàn yín á ti gbóná, ẹ ó ti máa ronú ohun tí ẹ máa sọ, kí ẹ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì péré. Kí ni máa bàjẹ́ bí mi ò bá fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí? Bí kò bá sí, ọjọ́ wo ni ọ̀nà máa dí? Ìdáhùn ló máa sọ lẹ́tà tí ẹ ó kọ. O ni ti òní. G ni èyí tó ní gbèdéke lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ kọ ọjọ́ náà gan-an. D ni ẹni tó ń dúró de èsì ṣùgbọ́n tí kò ní ọjọ́. T ni èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Èyí tí kò fẹ́ èsì, ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá ti jáde nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lẹ́tà sí, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níta, kí ẹ yan `Mark as unread`, kí àmì rẹ̀ má bàa parẹ́. Wọ́sáàpù ní bọ́tìnì `Read all` náà. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó ń pa gbogbo àmì rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò sì ní mọ ẹni tí ẹ kò tíì rí mọ́.

Ìdẹwò tó wà níbí ni pé kí ẹ kàn yára dá ẹnì kan lóhùn. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti fèsì, ẹni yẹn á mọ̀ pé ẹ ti dé, á pè, ìpè náà á sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ẹ kò tíì mọ ohun tó wà lọ́dọ̀ àwọn ogún tó kù.

"Ọ̀la" tí wọ́n kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Níbí ni àṣìṣe tó le jù ti ń wọlé. Ẹni tó kọ "mo ń bọ̀ lọ́la" lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú ló ń sọ, Ọjọ́rú yẹn sì ti kọjá. Ojú ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lónìí máa ń sọ ọ́ di ọ̀la tòní. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọjọ́ kankan sínú ìwé, ẹ wo àmì ọjọ́ tó wà láàárín ojú Wọ́sáàpù lókè ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ sì sọ gbogbo "ọ̀la", "ọ̀túnla" àti "òpin ọ̀sẹ̀" di orúkọ ọjọ́ gan-an pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má kọ "ọ̀la" sínú ìwé yín láé.

Yorùbá tún ní ìṣirò tirẹ̀. Bí àgbàlagbà bá sọ pé "òní ọjọ́ márùn-ún", ó ka òní mọ́ ọn. Ìyá kan fi ohùn ránṣẹ́ sí aránṣọ wa ní Ọjọ́bọ̀ pé òun ń bọ̀ wá gba bùbá òun ní òní ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́bọ̀ ni èkíní, Ẹtì èkejì, Àbámẹ́ta ẹ̀kẹta, Àìkú ẹ̀kẹrin, Ajé ni ẹ̀karùn-ún. Òní ni! Ọmọ tó bá kà á bí wọ́n ṣe ń kà á nílé ìwé á ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ìyá á sì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ òní tí bùbá ṣì wà nílẹ̀ láìní bọ́tìnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fídáù ọjọ́ kẹjọ: wọ́n ń ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá ru yín lójú, ẹ pe ẹni náà, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ fún un: "Ṣé ọjọ́ Ajé òní lẹ ní lọ́kàn, mà?"

Ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn

Gbèdéke tí oníbàárà kọ kọ́ ni gbèdéke yín. Tiyín ni ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan kọ̀wé ní Ọjọ́rú: ìró àti bùbá mẹ́rin fún aṣọ ẹbí Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, òun á gbà á ní Ẹtì nírọ̀lẹ́, ₦15,000 àsansílẹ̀ rèé. Àkáǹtì sọ pé òótọ́ ni. Bí ẹ bá wò ó lójú lásán, ọjọ́ márùn-ún ṣì wà, ẹ ó kọ G. Ṣùgbọ́n ẹ kà á padà. Rírán mẹ́rin gba ọjọ́ méjì, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Iṣẹ́ ọnà ọrùn tí wọ́n ń gbé jáde fún ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ gba ọjọ́ méjì, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Gígé aṣọ gbọ́dọ̀ parí lónìí. O ni lẹ́tà rẹ̀, kì í ṣe G.

Ẹ fi wé ẹlòmíì tó kọ "KÁNJÚKÁNJÚ Ẹ JỌ̀Ọ́" lẹ́ẹ̀mẹta nípa yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì òní ni ilé ìwé máa wọlé, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì ni. G lèyí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti fi ẹni tó ń pariwo sílẹ̀, kí a gbé ẹni tó dákẹ́ síwájú. Ẹ gbé e síwájú.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wúwo

Yorùbá kì í fi ìwé túfọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá yín bá kọ "Ẹ pè mí" lásán, tàbí "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?", tí kò sì fi nǹkan kan kún un, O ni. Bí mọ̀lẹ́bí méjì bá kọ irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìdí. Wọ́n fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́ ni. Ìsìnkú lè ti wáyé láìsí yín, pàápàá láàárín àwọn Mùsùlùmí tí kì í fi òkú sílẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà ọjọ́ kẹjọ lè jẹ́ ọ̀la. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ pè lónìí nìyẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ohùn kò ṣeé fi ojú gbá. Àwọn àgbàlagbà ló ń fi í ránṣẹ́ jù, ìkíni ló sì ń gba iwájú: ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè sábà máa ń wà nípẹ̀kun. Ẹ tẹ àmì `1×` títí á fi di `2×`, kí ẹ gbọ́ ọ dópin. Bí ẹ bá fò ó nítorí pé ó gùn, ẹ ti fo ìyá aláṣọ ọjọ́ márùn-ún yẹn.

Gúrúùpù

Ẹ má ka 204. Ẹ wo gúrúùpù tó ní àmì `@` lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ níta, ìyẹn ni pé ẹnì kan dárúkọ yín. Bí ẹ bá wọlé, bọ́tìnì `@` á gbé yín débẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, ní gúrúùpù àdúgbò àti ti òbí nìkan, ẹ yí sókè díẹ̀ láti wá ìkéde tó ní ọjọ́ tàbí owó. N'Ìkòròdú, ìkéde ọjọ́ Orò ṣe pàtàkì fún aránṣọ ju owó tíráńsífọ́mà lọ: bí wọ́n bá ní kí obìnrin má jáde ní Ẹtì, oníbàárà obìnrin kò ní lè wá gba aṣọ, aránṣọ wa tó jẹ́ obìnrin náà kò sì ní lè dé ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo gbèdéke Ẹtì á sún sí Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Gúrúùpù tó kù, ẹ fi sí `Archive`.

Íméèlì yá ju èyí lọ. Nínú àpótí ìwákiri Jímeèlì, ẹ tẹ èyí:

```
newer_than:8d (deadline OR expires OR "due date")
```

Ẹ wo ohun tó bá jáde, kí ẹ wá wo èyí tó kù nínú `is:unread newer_than:8d`. Ẹ bojú wo `Spam` náà lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáhùn

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé aránṣọ wa rí báyìí: O mẹ́rin, G méje, D mẹ́sàn-án, T márùn-ún. Méje tó kù nínú àwọn méjìlélọ́gbọ̀n kò fẹ́ nǹkan kan.

O, ẹ pè é, ẹ má kọ̀wé. Aránṣọ pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣáájú. Ó pe aláṣọ ẹbí, ó ní owó ti wọlé, ó sì gba ìwọ̀n èyí tó kù. Ó pe ìyá oníbùbá, ó ní kó wá ní aago márùn-ún dípò mẹ́rin. Ẹni kẹrin fi àwòrán ₦20,000 ránṣẹ́ tí owó náà kò sí nínú àkáǹtì, ó sì ń retí pé kí wọ́n ra aṣọ òun lónìí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì rí i lọ́dọ̀ mi. Ẹ bá mi bi báńkì yín léèrè, bó bá ti wọlé, màá rà á lójú ẹsẹ̀." Kò ra nǹkan kan kí ìyẹn tó yanjú.

Fún G àti D, ìlà kan tó ní aago nínú ló tó: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Fóònù mi bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti rí ọ̀rọ̀ yín. Màá pè yín láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní." Ẹ má kọ "màá dá yín lóhùn láìpẹ́". Ẹni tí kò mọ ìgbà tí ẹ máa pè á tún kọ̀wé lágogo mẹ́wàá, mọ́kànlá àti méjìlá. Ẹ pín aago náà fún wọn, kí ẹ má fi ènìyàn mẹ́rìndínlógún sí wákàtí kan náà.

T gba ìrònú díẹ̀. Ẹ tọrọ àforíjì ní gbólóhùn kan, kí ẹ sọ ohun tó ṣì ṣeé ṣe ní gbólóhùn kejì. "Ẹ máa bínú mà, òde yín ti kọjá kí n tó rí ọ̀rọ̀ yín. Aṣọ yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ó máa ṣetán ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, màá dá ₦5,000 yín padà lónìí." Ìtàn gígùn nípa omi tó wọ fóònù kò bá ẹni tó wọ aṣọ àtijọ́ lọ sóde mu. Bí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fèsì fún nínú àwọn T.

Ìgbà tí O bá ti tán nìkan ni kí ẹ gbé e sí `Status` pé ẹ ti dé, pé ẹni tó bá pè láìkọ̀wé kó tún pè. Bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ láàárọ̀, àádọ́ta "ẹ kú àbọ̀" á tún da òkìtì náà rú. Ẹ padà wo `Unread` lágogo kan àti lágogo márùn-ún, torí ìdáhùn yín á mú ìdáhùn wá, ẹ sì fi lẹ́tà sí ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan bíi ti àárọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láàárọ̀, ẹ gbé ìwé náà síwájú, kí ẹ fa igi lé gbogbo èyí tó ti parí. Èyíkéyìí nínú D tí kò tíì gbọ́ ohùn yín di O lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan `Read receipts` padà.